Ta Ló Kọ Orúkọ Sábẹ́ Àwòrán?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, tọkọtaya kan wọ ilé iṣẹ́ Camille Silvy, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kejìdínlógójì ní òpópónà Porchester Terrace, ládùúgbò Bayswater, ní Lọ́ńdọ̀nù. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ya ìyàwó lọ́tọ̀, wọ́n sì ya òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Lónìí, bí ènìyàn bá rí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, tó rí obìnrin tó wọ kaba fífẹ̀ gbàràgàdà tó gbòde láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, wọn á sọ fún un pé Sarah Forbes Bonetta nìyí, ọmọ ilẹ̀ Yewa tí ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, tí ọba Dàhòmì fi ta ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ, tó sì wá di aya James Pinson Labulo Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò Èkó. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ó yẹ ká bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo lo ṣe mọ̀? Ọdún 1880 ni obìnrin náà kú ní erékùṣù Madeira. Kò sí ẹni tó wà láàyè tó rí ojú rẹ̀ rí. Kaba kò lè jẹ́rìí, torí gbogbo obìnrin olówó ìgbà náà ló ń wọ̀ ọ́. Àwọ̀ ara náà kò lè jẹ́rìí, torí òun nìkan kọ́ ni obìnrin dúdú tó wọ ilé ayàwòrán nílùú òyìnbó.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró ni ìwé kan. Silvy ní ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti ya ènìyàn tán, wọ́n á lẹ ẹyọ kan nínú fọ́tò rẹ̀ mọ́ ojú ìwé, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n á kọ orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tó wá. Àwọn ìwé wọ̀nyí ṣì wà ní Náṣọ́nà Pọ́tíréètì Gálárì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó rà wọ́n ní 1904, àkọsílẹ̀ ìjókòó tó tó bíi 17,000 ló sì wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ṣeé gbára lé. Silvy kò kọ ọ́ kí ìtàn lè rántí ẹnikẹ́ni. Fọ́tò kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí a lẹ̀ mọ́ páálí, ni ọjà tó ń tà, àwọn oníbàárà a sì máa ra ọ̀pọ̀ ẹ̀dà láti pín fún ará àti ọ̀rẹ́. Ẹni tó ti gba tirẹ̀ lọ lè ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé òun tún fẹ́ sí i. Nọ́ńbà inú ìwé ni wọ́n á fi wá dígí tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígí tí wọ́n tò jọ. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ kọ, ojú ẹlòmíì ni wọ́n á tẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ti sanwó, ìtìjú àti àdánù ilé iṣẹ́ sì ni. Nítorí náà, ẹni tó kọ orúkọ yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán, ẹni tó ni orúkọ ló sọ ọ́ fún un, ó sì mọ ohun tí àṣìṣe yóò ná òun.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Orúkọ tó wà lára àwòrán tàbí lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́, ẹlẹ́rìí ni. À ń bi í bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí: ta ló gbé ọ síbẹ̀, nígbà wo, ara kí ni wọ́n so ọ́ mọ́, kí ni ẹni tó kọ ọ́ máa pàdánù bó bá purọ́? Bí ìdáhùn bá ṣe gún tó ni ìwọ̀n ìgbàgbọ́ wa. Ojú tó jọra wọn kò sí lára ìbéèrè wọ̀nyí rárá, màá sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ wo jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Bí kámẹ́rà bá mú agbábọ́ọ̀lù kan láti ẹ̀yìn, tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn ketekete, a lè dárúkọ rẹ̀ láìrí ojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bá wa jà. Kì í ṣe torí pé wọ́n tẹ orúkọ sára aṣọ. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni sára aṣọ. Ọjà Balógun kún fún jẹ́sì tó ní orúkọ àwọn gbajúmọ̀, ọmọ ilé ìwé ló sì ń wọ̀ ọ́. Ohun tó fún orúkọ náà lágbára lórí pápá ni pé kí wọ́n tó fọn fèrè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti fi ìwé orúkọ àti nọ́ńbà lé rẹfirí lọ́wọ́, kò sí méjì tó ń lo nọ́ńbà kan náà nínú ẹgbẹ́ kan, rẹfirí sì ń fi nọ́ńbà yẹn kọ orúkọ ẹni tó fún ní káàdì. Àṣẹ ló so aṣọ mọ́ ara. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà ní ìwọ̀n àkókò tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fọn fèrè ìkẹyìn, àwọn agbábọ́ọ̀lù a bọ́ jẹ́sì, wọ́n á fi ṣe pàṣípààrọ̀, òmíràn a sì wọ ti alátakò rẹ̀ sọ́rùn lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìgbà náà lè fi orúkọ Ọkùnrin A hàn lẹ́yìn Ọkùnrin B, kí akọ̀ròyìn tí kò fara balẹ̀ sì dárúkọ òdì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò wo ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí ṣòkòtò péńpé náà, kò sì wọ́pọ̀ kí ènìyàn fi ṣòkòtò ṣe pàṣípààrọ̀ lójú gbogbo ayé. Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 10, tí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 4, tí àwọ̀ aṣọ òkè kò sì bá ti ìsàlẹ̀ mu, ìdí ti hàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni baaji àyà. Baaji olùtọ́jú aláìsàn, ti sójà, ti òṣìṣẹ́ báńkì, gbogbo wọn lágbára níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó fún òṣìṣẹ́ ní baaji ń bojú tó o pé ẹni tó ni ín ló wọ̀ ọ́. Kóòtù funfun tí wọ́n yá lò, tàbí yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé wọ̀ fún eré orí ìtàgé, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ wà lára aṣọ lóòótọ́, ẹni tó tọ́ ló sì wọ̀ ọ́, síbẹ̀ àwòrán kò lè fi í hàn. Ní oṣù keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin rìn lórí òṣùpá. Orúkọ wà lára aṣọ wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kéré, ẹrù tí wọ́n gbé kọ́ àyà bo lẹ́tà náà mọ́lẹ̀, dígí àṣíborí tó ń dán bíi wúrà sì bo ojú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà dòní pé Armstrong ni ọkùnrin inú fọ́tò olókìkí jù lọ nínú ìrìn àjò náà. Aldrin ni. Ohun tí a fi mọ̀ ni pé Armstrong ló di kámẹ́rà mú fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò tí wọ́n lò níta, òjìji ayàwòrán náà sì hàn nínú dígí àṣíborí Aldrin fúnra rẹ̀. Fọ́tò tó mú Armstrong dáadáa kò tó nǹkan. Lẹ́yìn ìrìn àjò kejì, níbi tí ó tún ti ṣòro láti mọ Conrad yàtọ̀ sí Bean, àwọn méjì tó rìn níbẹ̀, àwọn ará Násà fa ìlà pupa sára apá, ẹsẹ̀ àti àṣíborí ọ̀gá ìrìn àjò. Wọ́n ti ṣe é sílẹ̀ fún Apollo 13, ṣùgbọ́n ìyẹn kò balẹ̀ sórí òṣùpá, torí náà ara Alan Shepard, ní 1971, ni a ti kọ́kọ́ rí i níbẹ̀. Ìlà pupa kò ní lẹ́tà kankan, síbẹ̀ ó sàn ju orúkọ lọ, nítorí pé wọ́n ronú nípa kámẹ́rà kí wọ́n tó fà á.

Pátákó àti bánà ló ń tan ènìyàn jù. Lẹ́tà wọn tóbi, wọ́n sì máa ń wà láàárín àwòrán gan-an, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n so mọ́ ni ògiri, kì í ṣe ara ẹnikẹ́ni. Bánà ibi òkú àgbà sọ orúkọ olóògbé àti ọjọ́ ayẹyẹ. Ó jẹ́ ká mọ ibi tí fọ́tò ti wá àti ọjọ́ tó ti wá, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré, torí ó dín iye ènìyàn tó lè jẹ́ kù láti àìmọye sí àwọn tó wá sí ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni yóò dúró níwájú bánà kan náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, aṣọ ẹbí wọn a tún bára mu. Ẹni tó dúró lábẹ́ pátákó ilé ìwòsàn lè jẹ́ dókítà, ó lè jẹ́ aláìsàn, ó lè jẹ́ ẹni tó ń sá òjò. Ohun kan ni pátákó máa ń ṣe tí àwọn yòókù kì í sábà ṣe: ó ń sọ bóyá wọ́n ti yí àwòrán padà. Bí lẹ́tà bá ń lọ láti ọ̀tún sí òsì, àwòrán ti yí padà bíi ti inú dígí, ọwọ́ ọ̀tún sì ti di òsì. Àwòrán Billy the Kid, ọ̀daràn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, orí páànù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sì máa ń yí padà. Kò sí pátákó lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi gbà pé ọlọ́wọ́ òsì ni, wọ́n tilẹ̀ fi ṣe àkọlé fíìmù ní 1958, àfìgbà tí wọ́n wo ara ìbọn rẹ̀ dáadáa.

Ẹnìkan lè ní gbogbo ariwo yìí kò pọn dandan, pé ojú la fi ń mọ ènìyàn, pé ẹni tó bá mọ Lágbájá yóò dá a mọ̀ níbikíbi. Àtakò tó lágbára nìyí, kò sì yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ìyá á dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ nínú fọ́tò tí kò mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìyá náà, ẹ̀rí ènìyàn ni, ó sì yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni báyìí ló sọ ọ́, ní ọjọ́ báyìí. Kì í ṣe ẹ̀rí tí àwòrán jẹ́. Ìtàn kan wà tó fi hàn bí ìdánimọ̀ ojú ṣe lè ṣìnà, kódà láàárín àwọn tó jọ jagun.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1945, Joe Rosenthal ya àwọn sójà Amẹ́ríkà mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń ri àsíá mọ́lẹ̀ lórí òkè Suribachi, ní erékùṣù Iwo Jima ní ilẹ̀ Japáànù. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà yá kánkán, Rosenthal kò sì gba orúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú wọn kò hàn tó; òmíràn kọ ẹ̀yìn, apá ẹlòmíì bo òmíràn. Àwòrán náà gba gbogbo ayé kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba sì fẹ́ mọ orúkọ, nítorí náà wọ́n wá àwọn orúkọ náà lẹ́yìn ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, nípa bíbi àwọn tó kù láàyè tí wọ́n ń wo fọ́tò tí wọ́n ti mú tóbi. Orúkọ mẹ́fà jáde: Strank, Sousley, Hayes, Gagnon, Bradley àti Hansen. Mẹ́ta nínú wọn kò tọ̀nà. Hayes sọ lẹ́yìn náà pé òun ti wí fún ọ̀gá pé Harlon Block ni wọ́n ń pè ní Hansen, ṣùgbọ́n pé wọ́n ní kí òun fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí orúkọ ti jáde. Ọdún 1947 ni wọ́n tó tún ìyẹn ṣe. Àwọn méjì yòókù dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún tó lé ní àádọ́rin. Wọ́n kọ ìwé nípa Bradley, wọ́n ṣe fíìmù, ère ńlá sì wà ní Arlington. Òkìkí kò mú àkọlé náà sún mọ́ òótọ́ níwọ̀n ìka kan.

Ohun tó tú u fó ni aṣọ àti irin iṣẹ́. Àwọn ènìyàn méjì tí kì í ṣe òpìtàn nípa iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán náà wé àwọn mìíràn tí wọ́n yà lórí òkè kan náà lọ́jọ́ kan náà. Nínú fọ́tò ibòmíì lọ́jọ́ yẹn, ojú Bradley hàn, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ sì ká sókè. Ti ẹni tí wọ́n ń pè ní Bradley níbi àsíá kò ká. Olùtọ́jú ọgbẹ́ ni Bradley, àmọ́ ìgbànú ọta àti ohun èlò tí wọ́n fi ń gé wáyà ló wà lára ọkùnrin ibi àsíá. Ẹlòmíì tún wà nínú àwòrán náà tí okùn inú àṣíborí rẹ̀ já, tó rọ̀ dirodiro. Okùn jíjá yẹn gan-an tún hàn nínú fọ́tò mìíràn, níbi tí ojú ti hàn, ojú Harold Schultz sì ni. Ní 2016, àwọn ológun gbà pé Schultz wà níbẹ̀, Bradley kò sí. Ní 2019 wọ́n tún gbà pé Harold Keller ni wọ́n ń pè ní Gagnon, òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tó jẹ́rìí. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀nà tí wọ́n gbà: wọn kò sọ pé ojú èyí jọ tọ̀hún. Wọ́n wá àmì kan tí kò lè wà lára ènìyàn méjì lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì tọ̀ ọ́ lọ sí ibi tí orúkọ ti dájú. Okùn jíjá ṣe iṣẹ́ baaji.

Bí a bá wá rí i pé àkọlé lè ṣìnà tó báyìí, àtakò kejì dé: kí ló dé tí a kò kúkú ní sọ gbogbo rẹ̀ nù? Ìdí ni pé àṣìṣe Iwo Jima àti àkọsílẹ̀ Silvy kì í ṣe irú kan náà. Lọ́hùn-ún, ẹni tó kọ orúkọ kò sí níbẹ̀, ó kọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́, ayé sì ń fẹ́ ìdáhùn kíá. Níhìn-ín, ẹni tó ni orúkọ ló sọ ọ́, lọ́jọ́ náà, fún ẹni tó nílò òótọ́ láti tajà. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kó hàn nínú bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. “Ohun tí wọ́n kọ sí baaji rẹ̀ ni Adébísí” yàtọ̀ sí “Adébísí nìyí”, “ẹ̀yìn fọ́tò ni wọ́n kọ Ìyá Àgbà sí, pẹ̀lú bírò” tún yàtọ̀ sí méjèèjì, pàápàá torí pé bírò kò sí láyé nígbà tí wọ́n ya ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn fọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tàbí ọmọ ọmọ ló kọ ọ́. Mo sì rò pé ààlà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Baaji nọ́ọ̀sì wà fún aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, kò sí ohun tó burú nínú kíkà á. Ṣùgbọ́n bó bá kàn ń kọjá lẹ́yìn nínú fọ́tò ẹlòmíì, tí ènìyàn wá mú un tóbi kó lè ka àyà rẹ̀, lẹ́tà yẹn lè jẹ́ òótọ́ pátápátá, síbẹ̀ kò sí ẹni tó fún un láṣẹ láti pariwo rẹ̀.

Ká padà sọ́dọ̀ obìnrin Porchester Terrace. Ìwé Silvy fún wa ní orúkọ ìdílé, Davies, orúkọ tó kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí iyanrìn, tí kò lè tọ́ka sí ẹyọ ènìyàn kan. Ohun tó fún un lágbára ni ọkọ tó jókòó tì í àti ọjọ́ tó wà níbẹ̀, torí oṣù kan péré ṣáájú, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ni ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Davies gbé ọmọ dúdú kan níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, àwọn ìwé ìròyìn sì kọ nípa rẹ̀. Fọ́tò tọ́ka sí ìwé Silvy, ìwé Silvy tọ́ka sí ìgbéyàwó, ìgbéyàwó náà sì ní ìwé tirẹ̀ tí ìyàwó fọwọ́ sí. Níbẹ̀, ṣáájú Sarah, ṣáájú Forbes tó jẹ́ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó mú un wá, ṣáájú Bonetta tó jẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó kọ lẹ́tà mẹ́ta: Ina. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, òyìnbó tó bá kà á á pè é bí orúkọ obìnrin tirẹ̀. Yorùbá tó bá kà á yóò mọ̀ pé Àìná ni, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé.